Ìjàpá Inú Fọ́tò: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Rẹ̀ àti Èyí Tí Òfin Dáàbò Bò

Ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò nínú fọ́tò ìjàpá, kì í ṣe igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹrẹ̀ lè bo igbá, ewédò lè hù lórí rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì lè fi epo pa á kí ó máa dán. Ẹsẹ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bí apá méjì iwájú bá gùn, tí wọ́n pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, tí ọmọ-ìka kankan kò sì dá dúró lára wọn, ìjàpá òkun ni. Bí ọmọ-ìka bá hàn, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so wọ́n pọ̀, tí èékánná wọn gùn, ìjàpá odò ni. Bí ẹsẹ̀ bá ki, tó rí róbótó, tí ìpẹ́ líle bo iwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé èékánná nìkan ló yọ síta, ìjàpá orí ilẹ̀ ni, ahun tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹsẹ̀ yìí náà ti dáhùn ìdajì ìbéèrè nípa òfin. Àdéhùn CITES, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 láti ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ní àtòkọ. Ẹranko tó bá wà lórí àtòkọ kìíní, a kò gbọdọ̀ mú un láti inú igbó tàbí òkun kọjá ẹnubodè fún òwò. Ẹranko tó bá wà lórí àtòkọ kejì lè kọjá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba. Gbogbo ìjàpá òkun ló wà lórí àtòkọ kìíní. Gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà, ó kéré tán, lórí àtòkọ kejì. Ti odò ni ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn yìí ní 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tó wà nínú ewu ní 1985, èyí tí a tún ṣe ní 2016. Nítorí náà, ẹni tó bá ti rí apá pẹlẹbẹ nínú fọ́tò kò nílò láti mọ orúkọ ìjàpá òkun náà kí ó tó mọ̀ pé kò yẹ kó wà nínú agbọ̀n ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ wúlò fún àkọsílẹ̀, ààbò rẹ̀ kò dúró de orúkọ.

Fún orúkọ ìjàpá òkun, ìpẹ́ ẹ̀yìn ni a ń kà, fọ́tò tí a yà tààrà láti òkè ló sì dára jù. Ìlà ìpẹ́ ńláńlá kan gba àárín ẹ̀yìn kọjá láti ọrùn dé ìdí. Ìlà kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó tó kan àwọn ìpẹ́ kéékèèké tó yí etí igbá ká. Ìlà ẹ̀gbẹ́ yìí ni a ń kà. Bí ó bá jẹ́ 4, ó kù sí méjì: Chelonia mydas, tí ọ̀rá ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tàbí Eretmochelys imbricata, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó tí ìpẹ́ rẹ̀ sì gorí ara wọn. A ó wo iwájú orí láàárín ojú àti imú láti yà wọ́n sọ́tọ̀: ìpẹ́ méjì gígùn ni ti àkọ́kọ́, mẹ́rin ni ti ìkejì. Bí ìlà ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 5, tí orí sì tóbi gan-an, Caretta caretta ni. Bí ó bá jẹ́ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lepidochelys olivacea ni, èyí tí ó ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun Gúínì yìí. Bí kò bá sí ìpẹ́ rárá, tó jẹ́ awọ dúdú tí ìlà gígùn tó ga sókè gba orí rẹ̀ kọjá, Dermochelys coriacea ni, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn.

Iye ìpẹ́ ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà dọ́gba lára Lepidochelys. Ẹni tó kà 7 ní òsì àti 6 ní ọ̀tún kò ṣìṣe; àìdọ́gba náà gan-an jẹ́ àmì rẹ̀. Iye ìpẹ́ kì í sì í yí padà láti ìgbà tí ọmọ ìjàpá bá ti jáde nínú ẹyin. Fọ́tò ọmọ kékeré tí ìgbì òkun gbé sórí iyanrìn ṣe é kà bíi ti ìyá rẹ̀, bí àwòrán bá mọ́.

Nínú igbó ni ọ̀rọ̀ ti le jù, níbẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń pọ̀. Ìjàpá igbó òjò ní gúúsù Nàìjíríà jẹ́ ẹ̀yà Kinixys, tí ó ní oríkèé ní ẹ̀yìn igbá. Bí ẹ̀rù bá bà á, á sọ apá ìdí igbá náà kalẹ̀ láti bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù. Nínú fọ́tò, oríkèé náà máa ń hàn bí ìlà tó já láti orí ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ wá sí etí, láàárín ìpẹ́ etí keje àti ìkẹjọ tí a bá kà á láti iwájú. Irú ìjàpá odò kan tún ní oríkèé, ṣùgbọ́n abẹ́ àyà ni tirẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oríkèé wà kí a tó sọ pé a ti rí i.

Kí a mú fọ́tò kan: ìjàpá kan dúró lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a yà á láti ẹ̀gbẹ́, a sì tún yà á láti iwájú díẹ̀ sí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, èékánná nìkan ló yọ. Ó jẹ́ ti ilẹ̀. Oríkèé hàn ní ẹ̀yìn. Kinixys ni. Ní ẹ̀gbẹ́, òkè igbá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, nígbà tó dé ẹ̀yìn oríkèé, ó wó lulẹ̀ ṣánṣán láìdagẹ̀rẹ̀. Ìpẹ́ tó gbẹ̀yìn nínú ìlà àárín ní kókó kan tó yọ síta. Ní fọ́tò iwájú, ìpẹ́ tínrín kan wà ní etí igbá gan-an lókè ọrùn. Ohun mẹ́ta yìí pa pọ̀ sọ ọ́ di Kinixys homeana. Ká ní ẹ̀yìn igbá náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìpẹ́ etí ká sókè tó sì rí gánnagànna bí eyín ayùn, tí kò sì sí ìpẹ́ tínrín yẹn lókè ọrùn, Kinixys erosa ni ìbá jẹ́. Ìpẹ́ iwájú àyà akọ erosa máa ń gùn jáde lábẹ́ ọrùn, ó sì jẹ́ ẹ̀rí mìíràn bí ó bá hàn. Ìkẹta, Kinixys nogueyi, jẹ́ ti ọ̀dàn: etí igbá rẹ̀ kò ká sókè, èékánná mẹ́rin ló sì sábà ní ní ẹsẹ̀ iwájú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ IUCN ka homeana mọ́ àwọn ẹranko tó sún mọ́ píparun jù lọ, nítorí pé igbó tó ń gbé ń di oko, tí wọ́n sì ń kó o lọ ta fún ẹran jíjẹ àti fún oògùn. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ọjà bá kan kọ “ìjàpá”, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé èyí tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń pa tán. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lè sọ ọ́.

Ìjàpá ńlá tí a sábà ń rí nínú àgbàlá àwọn ọlọ́lá jẹ́ Centrochelys sulcata, ará ilẹ̀ gbígbẹ etí aṣálẹ̀ ní àríwá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn láìsí àmì, ìpẹ́ tínrín kò sí lókè ọrùn rẹ̀, kókó ṣóńṣó méjì tàbí mẹ́ta sì yọ ní itan ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè tó 80 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn. Àtòkọ kejì ló wà, ṣùgbọ́n CITES fi kún un pé iye tí a lè mú láti inú igbó lọ tà ní òkè òkun jẹ́ òdo. Fọ́tò kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní October 2019, ààfin sọ pé ó ti tó ọdún 344, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lára igbá tí ènìyàn lè kà láti fi í múlẹ̀. Ìlà tó yí ìpẹ́ ká máa ń parẹ́ bí ìjàpá bá ti dàgbà, ọdún kan sì lè fi ju ìlà kan sílẹ̀.

Fún ìjàpá odò, àyà ni fọ́tò tó ń yanjú ọ̀rọ̀. Pelusios, tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀sà àti ìṣàn omi wa, ní oríkèé ní iwájú àyà, ó sì ń ká ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó fà á wọlé tààrà. Pelomedusa jọ ọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò ní oríkèé. Fọ́tò òkè nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a má sì fi agídí ṣe é. Àwọn méjèèjì kò sí lórí àtòkọ kìíní tàbí ìkejì. Èyí tó wà lórí àtòkọ kejì ni àwọn tí igbá wọn jẹ́ awọ rírọ̀ láìsí ìpẹ́: Trionyx triunguis, tí imú rẹ̀ gùn tínrín, tí èékánná mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti Cyclanorbis senegalensis. 2017 ni àwọn méjèèjì wọ àtòkọ kejì. Inú abọ́ omi kan náà ni wọ́n lè kó gbogbo wọn sí lọ́jà, nítorí náà imú àti igbá rírọ̀ ni kí ojú kọ́kọ́ wá.

Ohun méjì ló ń ba ìdámọ̀ jẹ́ jù. Èkíní ni ọmọ Kinixys: oríkèé kì í sí lára rẹ̀ nígbà tó bá kéré, ó ń yọ bí ó bá ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, ìjàpá orí ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí kò ní oríkèé, kò tíì bọ́ kúrò lára ẹ̀yà náà. Ìpẹ́ ọrùn àti etí igbá ni a ó wò. Èkejì ni ìwọ̀n. Láìsí ohun tí a mọ gígùn rẹ̀ nínú fọ́tò, ìjàpá kékeré àti ńlá dọ́gba lójú. Rúlà tàbí bírò tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tó. Fọ́tò mẹ́rin ni kí a yà: òkè tààrà, ẹ̀gbẹ́, iwájú pẹ̀lú orí, àti abẹ́ àyà. A kì í pẹ́ yí ìjàpá dojú dé, a ó tètè dá a padà. Ti òkun, a kò ní yí i padà rárá, pàápàá èyí tó ń yé ẹyin. Òkè àti orí rẹ̀ ti tó láti kà.