Níbo Ni Ínṣì Méjì Yóò Wọ̀ Lára Pátánì?

Aránṣọ kan ní pátánì gáàùn tó bá obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 36 mu régí. Ó fẹ́ rán gáàùn náà fún títà, ó sì fẹ́ ya sáìsì 38 àti 40 lára rẹ̀. Ínṣì méjì péré ló wà láàárín sáìsì kan àti èkejì, ṣùgbọ́n ibi tó bá fi ínṣì méjì yẹn sí ló máa pinnu bóyá aṣọ náà á ṣeé wọ̀.

Àwọn kan a fẹ gbogbo bébà náà bákan náà. Èjìká aṣọ á wá ré kọjá egungun, ọrùn á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn mìíràn a kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn á gba ọyàn lóòótọ́, àmọ́ èjìká, òkè àyà àti ẹ̀yìn ṣì wà ní 36, aṣọ á sì máa fún ẹni tó wọ̀ ọ́ níwájú apá.

Ẹran àyà àti ìhà ló ń pọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sanra. Egungun èjìká kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ṣe ni wọ́n ń pín in. Ìlàjì iwájú tí a yà sórí bébà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ara, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlàjì ẹ̀yìn, torí náà ìdajì ínṣì ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí tépù tó ní ìlà 16 nínú ínṣì kan, ìlà 8 nìyẹn. Ìpín kan tó wọ́pọ̀ fún ọrùn ní ìlà 1, èjìká 2, ihò apá 1, ẹ̀gbẹ́ sì gba 4 tó kù.

Aránṣọ á fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ dé ìbàdí: ọ̀kan láti ọrùn, ọ̀kan láti àárín èjìká, ọ̀kan láti ihò apá. Á gé e, á ya wọ́n síra níwọ̀n tó yẹ, á lẹ̀ wọ́n mọ́ bébà tuntun, á wá fi ti ẹ̀gbẹ́ kún un níta. Kò ní fi nǹkan kan kún àárín iwájú, torí ọrùn ni yóò fẹ̀ láìnídìí.

Gígùn náà ń pọ̀ díẹ̀. Ìlà 2 lè wọ ihò apá, kí 2 mìíràn wọ àárín abẹ́ apá àti ìbàdí. Bí ihò apá bá ti fẹ̀ báyìí, apá aṣọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tẹ̀lé e. Aránṣọ á fi tépù wọn àwọn ibi tí wọ́n máa rán pọ̀ kó tó gé aṣọ.

Tó bá ya 40 tán, kó to bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, kí ìlà àárín iwájú àti ti ìbàdí bára mu. Àlàfo láàárín 36 àti 38 gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti 38 àti 40 níbi gbogbo. Ibi tí àlàfo bá ti ṣàdédé fẹ̀, àṣìṣe wà níbẹ̀.

Tí aránṣọ bá ń bọ̀ ní 46, kó má ṣe tún ya á lára 36. Àyà, ikùn àti apá lè ti tóbi gan-an nígbà tí èjìká kò yí padà, nítorí náà ó sàn kó ya pátánì tuntun láti ara ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Kó rán èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù ṣàpẹẹrẹ ná, kó sì ní kí àwọn tó ni ìwọ̀n wọn wọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé apá sókè. Bí gbogbo aṣọ bá bá apá gòkè, ihò apá ti jìn jù. Kó dín ìlà tó fi kún gígùn rẹ̀ kù.