Iṣẹ́ Òru àti Ìwé Ìdánwò: Nígbà Wo Ni Kí Ènìyàn Sùn?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ bá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru tí wọ́n sì tún ń múra ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn náà gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé.

Ní oṣù Júùnù kan, ọkùnrin ẹni ọdún 31 kan wá sí ilé ìtọ́jú wa. Akọ̀wé ibi ìkẹ́rù-sí ni ní ilé iṣẹ́ kan. Agogo 10 alẹ́ ni ó ń wọṣẹ́, agogo 6 òwúrọ̀ ni ó sì ń jáde, òru márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń múra ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Áíkàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yìí, ní oṣù Méè àti oṣù Nòfẹ́ńbà. Ó ti kọ ti Méè, ọkàn rẹ̀ sì ti sọ fún un pé kò ṣe dáadáa. Oṣù mélòó kan péré ni ó kù kí ti Nòfẹ́ńbà dé.

Ó ní, “Màmá, ibà ni ó ń ṣe mí. Ẹ fún mi ní oògùn tí ó le.” Orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ara rẹ̀ kò sì gbé kánkán mọ́. Láàárín oṣù méjì ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 150 lórí 95, èyí tí ó ga jù fún ọmọdékùnrin bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e wá ni ó wá tú àṣírí. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí ọkọ òun ti ń gun alùpùpù bọ̀ láti ibi iṣẹ́, inú gọ́tà ni ó ti la ojú. Ó ti sùn lọ lórí ìrìn.

Mo ní kí ó ka bí ó ti ń lo wákàtí 24 rẹ̀ fún mi. Bí ó bá dé ilé ní agogo 7 òwúrọ̀, yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sì jókòó ti ìwé láti agogo 8 títí di 12 ọ̀sán. Ó máa ń sùn láti agogo 12 títí di 2 àbọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Ní òru, bí oorun bá ń kùn ún, yóò jẹ obì méjì ní nǹkan bí agogo 4, yóò sì fi ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní ẹ́nájì lé e. Wákàtí méjì àbọ̀ ni gbogbo oorun rẹ̀. Ìwé tí ó sì fi gbogbo òwúrọ̀ kà, bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, kò ní lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Níbí ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Ó rò pé oorun ni ó ń jí àkókò ìwé òun, bẹ́ẹ̀ sì ni oorun gan-an ni ó ń bá ènìyàn kó ohun tí ó kà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí a bá sùn, ọpọlọ kì í sinmi lásán. Ó ń tún ohun tí a kọ́ lójúmọmọ yẹ̀ wò, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú. Ẹni tí ó kàwé tí kò sùn dà bí ẹni tí ó ra ọjà tí ó fi í sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bákan náà, ẹni tí ó ti fi gbogbo òru ṣiṣẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀ ní agogo 8 òwúrọ̀. Ojú rẹ̀ yóò máa rìn lórí ìwé, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ní wọlé. Bí ẹ bá ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ kò mọ ohun tí ó sọ, ẹ pa ìwé dé, oorun ni ó kàn.

Nítorí náà, a yí ètò rẹ̀ padà: oorun kọ́kọ́, ìwé tẹ̀ lé e. Bí ó bá dé ilé, yóò jẹ oúnjẹ díẹ̀ tí kò wúwo, bí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, yóò sì wọlé sùn ní agogo 8 ó ku ìṣẹ́jú 15, títí di agogo 1 ọ̀sán. Láti agogo 3 sí 5 ìrọ̀lẹ́, yóò kàwé wákàtí méjì. Ní agogo 7 alẹ́, yóò tún sùn wákàtí kan àbọ̀ kí ó tó múra iṣẹ́. Bí a bá rò ó pọ̀, oorun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 7, iye tí àgbàlagbà nílò nìyẹn. Oorun alẹ́ yẹn sì ń bọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ó sì tún ń dín ìtòògbé ibi iṣẹ́ kù.

Oorun ọ̀sán kò rọrùn ní ìlú wa. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń sọ fún agogo tí Ọlọ́run fi sínú ara wa pé ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀rọ ata sì ń pariwo ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀ ta aṣọ dúdú tí ó nípọn sí ojú fèrèsé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má ṣe kan ilẹ̀kùn kí agogo 1 tó lù. Ó ní, “Màmá, wọ́n ní ọ̀lẹ ni ọkọ mi, pé ó ń sùn lọ́sàn-án.” Mo ní kí ó dá wọn lóhùn pé òru wọn ni ó ti ṣiṣẹ́. A kì í jí ẹni tí ó ń sùn ní agogo 2 òru láti wá kí àlejò. Ọ̀sán òṣìṣẹ́ òru, òru rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ obì. Èròjà tí ó ń lé oorun lọ nínú obì, kọfí, tíì àti ẹ́nájì ni kaféènì. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, yóò gbà tó wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹni tí ó jẹ obì ní agogo 4 òru, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní agogo 9 òwúrọ̀, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní agogo 2 ọ̀sán. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sùn? Òun náà ni ó sì ń mú àyà lù. N kò ní kí ó má jẹ obì mọ́ rárá. Ohun tí mo sọ ni pé ẹyọ kan tó, kò sì gbọdọ̀ kọjá agogo 12 òru. Ní ti ẹ́nájì, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ pátápátá nítorí ìfúnpá rẹ̀. Ẹ má sì fi oògùn oorun pe oorun lọ́sàn-án, ẹ má sì fi tíràmádó lé e lóru. Àwọn méjèèjì ń di bárakú.

Ní ibi iṣẹ́, mo ní kí ó má gbé ìwé ńlá lọ. Láàárín agogo 3 sí 5 òru, ọpọlọ ènìyàn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe àkókò tí a ń kọ́ ohun tuntun. Lẹ́yìn ìwé ìrọ̀lẹ́, yóò kọ ìbéèrè 10 sórí pépà kékeré láìkọ ìdáhùn sí i. Nígbà tí wọ́n bá sinmi ní agogo 1 òru, yóò gbìyànjú láti dáhùn wọn láti orí. Èyí tí ó bá sọnù ni yóò kọ́kọ́ kà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ìwádìí ti fi hàn pé fífa nǹkan yọ láti inú orí báyìí ń mú un dúró ju kíka ìwé kan náà ní àkàtúnkà lọ.

Ní òru méjì tí kì í lọ síbi iṣẹ́, àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó máa ń sùn ní agogo 9 alẹ́ bí gbogbo ayé. Ara kò lè máa yí síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A fi í sí àárín: kí ó sùn ní agogo 2 òru, kí ó sì jí ní agogo 9 òwúrọ̀. Ó ń ka wákàtí mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọjọ́ méjì yìí. Wákàtí 10 láti inú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, pẹ̀lú wákàtí 6 yìí, jẹ́ 16 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ 24, yóò ti ní wákàtí 384 tí ojú rẹ̀ fi là dáadáa. Ìyẹn ju ìgbà tí ó ń fi ojú tí ó ń tòògbé ka wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe ìdánwò, ìyẹn ni pé àkókò tí ara òṣìṣẹ́ òru ń sùn ni wọn yóò ní kí ó wá kọ̀wé. Agogo inú ara kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ ni ó máa ń yí. Nítorí náà, mo ní kí ó má ṣe lo lífù ọdún rẹ̀ sí nǹkan mìíràn, kí ó pa á mọ́ de ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú ìdánwò. Ní àkókò yẹn kò tún gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ òru. Kí ó máa jáde sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ó máa sùn lálẹ́, kí ó sì máa fi àwọn ìbéèrè àtijọ́ dán ara rẹ̀ wò ní wákàtí kan náà tí wọn yóò ṣe ìdánwò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó padà wá. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 128 lórí 82, orí kò fọ́ ọ mọ́, ọkọ̀ èrò ni ó sì ń wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó yege nínú ìdánwò Nòfẹ́ńbà. Ìwé rẹ̀ ni ó kà, èmi kọ́ ni mo kà á fún un.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ètò yìí lè bá mu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wárápá ń ṣe, aláboyún, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kí ẹ tó gba iṣẹ́ òru mọ́ ìwé. Bí ẹ bá sì ń sùn tó tí ó ṣì ń rẹ̀ yín, tàbí tí àyà ń lù yín ṣáá, ẹ má dá oògùn ibà lò fúnra yín. Ẹ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá ti tòògbé lórí alùpùpù lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdánwò Méè yóò tún dé, ṣùgbọ́n ọrùn kan ṣoṣo ni a ní.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.