Bónọ́ọ̀sì Kì í Mówó Wọlé, Ráìtì Ló Ń Mú Un Wá

Inú àwọn tó ní ìpín máa ń dùn bí ilé-iṣẹ́ wọn bá kéde bónọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ráìtì ló dé, ọ̀pọ̀ ló máa ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Tèmi ni pé lẹ́tà ráìtì yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn yára kà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ní bílíọ̀nù 2 ìpín, tí iye ojú-ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kọ́bọ̀. Owó ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦1 bílíọ̀nù. Èrè tó ti ń kó pa mọ́ bọ̀ jẹ́ ₦4 bílíọ̀nù. Ó wá fún àwọn onípìn-ín ní bónọ́ọ̀sì, ọ̀kan lórí méjì. Ìpín tuntun bílíọ̀nù 1 jáde, akọ̀wé ìṣirò sì yọ ₦500 mílíọ̀nù nínú èrè tí wọ́n kó pa mọ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ owó ìpín. Owó ìpín di ₦1.5 bílíọ̀nù, ìpamọ́ di ₦3.5 bílíọ̀nù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ₦5 bílíọ̀nù náà ni. Kọ́bọ̀ kan ò wọlé. Ohun tó yí padà ni pé wọn ò lè mú ₦500 mílíọ̀nù yẹn pín fún yín gẹ́gẹ́ bí èrè mọ́. Bí wọ́n bá ń ta ìpín náà ní ₦9 lọ́jà, ó yẹ kó wálẹ̀ sí ₦6.

Ti ráìtì yàtọ̀. Lọ́dún 2024, Access Holdings ní kí àwọn onípìn-ín rẹ̀ ra ọ̀kan lórí méjì ní ₦19.75. Nínú owó yìí, 50 kọ́bọ̀ ni iye ojú-ìwé, òun ló lọ sábẹ́ owó ìpín. ₦19.25 tó kù lọ sínú àpò àlékún orí ìpín. Nǹkan bíi ₦351 bílíọ̀nù ni wọ́n rí kó jọ. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ti pàṣẹ lóṣù kẹta ọdún náà pé báńkì tó ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ₦500 bílíọ̀nù, pé owó ìpín àti àlékún orí rẹ̀ nìkan ni àwọn máa kà. Wọn ò ní ka èrè tí báńkì kó pa mọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ká ní ilé-iṣẹ́ wa àkọ́kọ́ ló ta ráìtì, ọ̀kan lórí méjì, ní ₦6. Ìpín méjì àtijọ́ jẹ́ ₦18. Ẹ fi ₦6 kún un, ẹ pín in sí mẹ́ta, ₦8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní 2,000 ìpín tí kò dáhùn á rí i pé ₦18,000 òun ti di ₦16,000. Ẹni tó san ₦6,000 ní ìpín 3,000 tó tó ₦24,000, kò pàdánù nǹkan kan.

Bí owó ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ lè ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì ní ọjà ìpín. Ẹ wo ọjọ́ ìparí tó wà lára lẹ́tà náà, kí ẹ sì tètè kàn sí alágbàtà yín kó tó pé.