"Rárá" Tí Kò Ti Ilẹ̀kùn: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọjà Láì Kọ Ẹni Tó Ń Tà Á

Lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: "Màá pè yín." Gbogbo wa la ń sọ ọ́. Ẹnì kan mú ọjà wá bá wa, ó ṣàlàyé, ó fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. A ti mọ̀ lọ́kàn wa pé a ò ní rà á, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó jù wá lọ. La bá ní, "Ó dáa sà, màá pè yín." A ò ní pè é. Òun náà á sì máa dúró.

Ohun tí "màá pè yín" fojú mi rí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ṣínṣín ni mò ń dín tà níbí ní Itamaga, mo sì máa ń gbé e lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù títí dé Sábó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tó ń tẹ sítíkà mú àpẹẹrẹ wá. Mi ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo sọ pé "ó dáa, màá pè yín." Mo rò pé mo ti kọ̀ ọ́ ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Òun gbọ́ "ó dáa", ó lọ tẹ 1,000. Ọjọ́ tó gbé e dé, a fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo wá nílò sítíkà ní kánjúkánjú lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹni tí mi ò fẹ́ ṣẹ̀ gan-an ni mo sọ di ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo èkejì, èyí tí mo ṣe dáadáa. Bàbá kan tó ń tẹ ọ̀rá wá bá mi. Ó fẹ́ bá mi ṣe ọ̀rá tó ní orúkọ àti àwòrán mi lára, kí n yé lẹ sítíkà mọ́ ọ̀rá funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n 100 kílò ni ó kéré jù tí wọ́n lè tẹ̀. Kí n tó fèsì, mo jókòó ṣírò. Ọ̀rá tí mò ń lò, kílò kan rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 300. 100 kílò á jẹ́ 30,000. Nígbà yẹn, 400 ni mò ń tà lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 75 nìyẹn, ó sún mọ́ ọdún kan àti ààbọ̀ kí ọ̀rá yẹn tó tán. Yàtọ̀ sí èyí, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lára ọ̀rá ló ní sílíńdà tirẹ̀, ìyẹn irin roboto tí wọ́n ń fín àwòrán sí, oníbàárà ló sì ń sanwó rẹ̀. NAFDAC sì fẹ́ kí àdírẹ́sì ẹni tó ṣe oúnjẹ wà lára ohun tí a fi dì í. Èmi sì ń múra àtikó lọ sílé mìíràn. Tí mo bá kó, ọ̀rá tó kù ò wúlò mọ́, wọ́n á sì tún sílíńdà fín.

Ìdí tí mo fi ṣírò ni pé ìdí tí a bá sọ ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa parí. Tí mo bá sọ pé "ó wọ́n", mi ò tíì kọ̀ ọ́ rárá o. Lọ́dọ̀ tiwa, "ó wọ́n" túmọ̀ sí "ẹ jẹ́ ká ná an." Á bi mí pé èló ni mo fẹ́ san, á yọ díẹ̀ kúrò, tí mo bá sì tún kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó máa dà bíi pé mo fi í ṣeré. Ìdí òtítọ́ tí ẹ̀dínwó ò lè yanjú ni kí ẹ wá. Ẹ má sì sọ iye tí ẹlòmíràn fẹ́ gbà fún un. Tí ẹ bá ti tú àṣírí ẹni yẹn, òun náà mọ̀ pé ẹ máa tú tòun.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí bàbá náà ní ọjọ́ kejì nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Mo wo àpẹẹrẹ ọ̀rá yín, iṣẹ́ yín mọ́. Mi ò ní lè gbà á báyìí sà. 100 kílò á pé mi lọ́wọ́ ju ọdún kan lọ, mo sì ń kó kúrò níbi tí mo wà, àdírẹ́sì mi máa yí padà. Tí mo bá ti kó, tí mo sì ń tà tó 1,500 lọ́sẹ̀, màá pè yín ká tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ná owó kankan sílẹ̀ nítorí mi. Màá dá àpẹẹrẹ yín padà lọ́la."

Ẹ wo bí ó ṣe tò. Ọpẹ́ tó ní ìtumọ̀ ló ṣáájú, "mi ò ní lè gbà á" tẹ̀ lé e láì fi ohunkóhun bò ó, lẹ́yìn náà ni ohun tó lè mú ká tún pàdé. William Ury, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni nípa ìdúnàádúrà, kọ odindi ìwé lórí irú ètò yìí lọ́dún 2007: "rárá" wà láàárín "bẹ́ẹ̀ ni" méjì. Mi ò dárúkọ oṣù o. Oṣù lè pé kí nǹkan kan má yí padà, á sì pè mí. 1,500 lọ́sẹ̀ ni ohun tí a lè kà: 30,000 á tán láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Tí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ò ní ra irú ọjà náà láéláé, ẹ má sọ "tó bá yá" rárá. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé kì í ṣe ohun tí ẹ ń lò.

Ó tún fèsì o. Ó ní òun lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tẹ 50 kílò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń wá ìdí tuntun, ìdí tuntun sì máa ń dà bí àwáwí. Ìdí àkọ́kọ́ náà ni mo tún sọ: "Ẹ ṣé sà, mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú fún mi. 50 kílò ṣì máa tó bí oṣù mẹ́sàn-án, àdírẹ́sì á sì ti yí padà." Ó ní, "Ó ti yé mi." Kò bínú.

Lọ́jọ́ kejì mo dá àpẹẹrẹ rẹ̀ padà, mo sì kọ "ọ̀rá títẹ̀, 100 kílò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹni tí mo ń ra ọ̀rá funfun lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní ọjà nílẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń dúró. Bàbá yẹn ni mo pè. Kò tíì tẹ ẹyọ kan fún mi rí, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó sì fi kílò márùn-ún ránṣẹ́ lórí ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò tíì dé 1,500. Ọjọ́ tí mo bá dé ibẹ̀, mo ti mọ ẹni tí mo máa pè, òun náà sì mọ̀ pé "màá pè yín" tèmi kì í ṣe àwáwí mọ́.