Ààlà Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Fà: Jesse Livermore àti Òwú Ọdún 1908

Ààlà àdánù, tí àwọn oníṣòwò ìpín ń pè ní sitọ́ọ̀pù-lọ́ọ̀sì, ni iye tí ẹni tó ra ọjà ti pinnu ṣáájú pé bí owó ọjà náà bá já dé ibẹ̀, òun yóò tà á kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní ₦50 lè fi ààlà tirẹ̀ sí ₦45. Bó bá ra 10,000 ìpín, ₦500,000 ló ná, ó sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ò bá rí bóun ṣe rò, nǹkan bí ₦50,000 ni yóò bá a lọ, yàtọ̀ sí owó alágbàtà. Ó lè fi iye náà lé alágbàtà lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, pé kó tà á bí owó bá ti débẹ̀. Ó sì lè fi í sínú ara rẹ̀, kó máa ṣọ́ ọjà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ewu pọ̀ sí, torí ohun tí èèyàn bá ara rẹ̀ sọ nínú yàrá, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè tó bá yí i padà.

Ìṣirò tó wà nídìí ààlà yìí kò le. Ẹni tó pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ní láti jèrè bí ìdá mọ́kànlá lórí èyí tó ṣẹ́kù kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó pàdánù ìdajì ní láti sọ ìyókù di ìlọ́po méjì. Bí àdánù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà àbọ̀ ń gùn ju ọ̀nà àlọ lọ. Gbogbo oníṣòwò ló mọ èyí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ń fo ààlà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jesse Livermore, nínú ọjà òwú ní 1908, fi hàn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀.

Ọmọ tí ṣọ́ọ̀bù kọ́ ní ààlà

Ọdún 1877 ni wọ́n bí Livermore ní ìpínlẹ̀ Masashúsẹ́ẹ̀tì. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì alágbàtà kan ní Bọ́sìtìnì, níbi tó ti ń kọ iye owó ìpín sára pátákó. Láìpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ ṣe nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tó wọ́pọ̀ nígbà náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń ra ìpín gan-an. Oníbàárà á san owó díẹ̀ sílẹ̀, á sì ta tẹ́tẹ́ pé owó ìpín kan yóò gòkè tàbí yóò wálẹ̀. Bí owó bá yí lòdì sí i tó iye tó san sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti gbowó náà, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ààlà wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé oníbàárà fà á, kò sì lè sún un síwájú bó ti wù kó fẹ́.

Nígbà tó dé Niu Yọ́ọ̀kì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi alágbàtà tòótọ́ ra, tó ń fi tà, ààlà di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní láti fà. Ó kọ́ ọ pé bí ọjà ò bá ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe, kí òun gba àdánù kékeré, kí òun kúrò níbẹ̀. Ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń jèrè nígbà tí ọjà bá ń já, nípa yíyá ìpín tà, kí wọ́n tó rà á padà lówó pọ́ọ́kú. Lásìkò tí jìnnìjìnnì bo àwọn báńkì Amẹ́ríkà ní oṣù October 1907, ọ̀nà yìí ló fi di olówó mílíọ̀nù dọ́là nígbà tí àwọn mìíràn ń pàdánù.

Òwú àti àlìkámà

Edwin Lefèvre ló kọ ìtàn ohun tó tẹ̀lé e sínú ìwé kan tó jáde ní 1923, tó fi orúkọ mìíràn bo Livermore láṣìírí. Ní 1908, Livermore gbà pé owó òwú yóò já, ó sì ti tà sílẹ̀ de ìyẹn. Nígbà náà ni ẹni tí ìwé náà pè ní Percy Thomas tọ̀ ọ́ wá. Gbajúmọ̀ ni Thomas nínú ọjà òwú, ó ní àwọn tó ń fi ìròyìn oko ránṣẹ́ sí i láti gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn létí. Ó ní òwú yóò gbówó lórí. Livermore kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n bí Thomas ṣe ń tún un sọ fún un, tó ń kó ìwé ìṣirò wá, ọkàn rẹ̀ yí. Ó pa ohun tó ti tà tẹ́lẹ̀ dé, ó sì ra nǹkan bí 60,000 ìdì òwú.

Ó dára kí a wo ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí. Ìdì òwú kan wúwo tó nǹkan bí 500 pọ́n-ùn, sẹ́ńtì lórí pọ́n-ùn kan ni wọ́n sì fi ń pe owó rẹ̀. Bí owó bá já ní sẹ́ńtì kan péré, dọ́là márùn-ún ti lọ lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Lórí 60,000 ìdì, $300,000 nìyẹn. Owó ìdúró lásán ni oníṣòwò ń san ṣáájú, kì í ṣe gbogbo owó ọjà, nítorí náà ìyípadà kékeré lè gbé owó ńlá lọ.

Owó òwú ò gòkè. Ibi tí ìlànà Livermore ní kó ti tà nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọjà kò ṣe ohun tí Thomas ní yóò ṣe. Àmọ́ kò tà. Ńṣe ló tún ra òmíràn, kí owó má bàa já jù. Bó bá já díẹ̀ sí i, á tún rà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn títí tó fi ní 440,000 ìdì lọ́wọ́. Nígbà yẹn, sẹ́ńtì kan ti di $2,200,000.

Lásìkò kan náà, ó ní àlìkámà tó ti rà, èrè sì wà lórí rẹ̀. Ó ta àlìkámà tó ń jèrè, ó sì dì mọ́ òwú tó ń jẹ gbèsè. Kò pẹ́ tó ta àlìkámà náà tí owó rẹ̀ fi gòkè ní ogún sẹ́ńtì. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí, bó bá fi sílẹ̀ ni, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni ì bá jèrè. Níkẹyìn ó ta gbogbo òwú náà. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tó ti kó jọ wọlẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù kò tó mílíọ̀nù kan.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ààlà ti di fífò

Ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ sí Livermore ṣì ń ṣẹlẹ̀ lónìí, àwọn ni wọ́n sì fi ń dá àṣìṣe yìí mọ̀. Èkíní ni pé ìdí tí oníṣòwò fi di ọjà mú yí padà lẹ́yìn tó rà á. Ẹni tó ra ìpín nítorí pé èrè ilé-iṣẹ́ náà yóò pọ̀ lóṣù mẹ́ta, tó wá rí i pé èrè ò pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjọ́ iwájú lòun ń wò, ìdí mìíràn ló ti wá dì mú.

Èkejì ni pé iye tó ní lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i bí owó rẹ̀ ṣe ń já. Ká padà sórí ẹni tó ra 10,000 ìpín ní ₦50. Owó já dé ₦45, kò tà. Ó dé ₦40, ó ra 10,000 mìíràn, ó ní owó tí òun fi ra ìkọ̀ọ̀kan ti wálẹ̀ sí ₦45. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá wá já dé ₦36, ₦180,000 ló ti pàdánù, dípò ₦50,000 tó kọ́kọ́ gbà pé òun lè fara mọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ó ń ta ohun tó ń jèrè kó lè máa rówó bọ́ èyí tó ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbi kẹta yìí ti jìnnà sí ààlà rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà yí padà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ pinnu iye ìpín tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n tó wá ààlà sí i lẹ́yìn. Ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn nìyẹn. Ibi tí ìdí tí a fi ra ọjà bá ti bà jẹ́ ló yẹ kí ààlà wà, ààlà yẹn ló sì yẹ kó sọ iye tí a óò rà. Bí ẹnì kan bá ní ₦1,000,000, tó gbà pé òun ò fẹ́ pàdánù ju ₦20,000 lọ lórí ọjà kan, tí ààlà rẹ̀ sì fi ₦5 jìn sí iye tó fẹ́ rà á, 4,000 ìpín ló yẹ kó rà, kì í ṣe 10,000. Àdánù tí kò tóbi kò nira láti gbà, ọwọ́ kì í sì í gbọ̀n láti tà.

Ààlà pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ Siwisálàǹdì ṣàdédé dáwọ́ dúró ní January 15, 2015 láti má dí owó fáráńkì lọ́wọ́ mọ́, owó náà fò sókè lójijì, ọ̀pọ̀ tó ti fi ààlà sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà sì rí i pé iye tí wọ́n bá wọn tà á jìnnà sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ní ọjà ìpín Nàìjíríà, owó ìpín kì í lè já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Bó bá já tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà, àṣẹ títà á wà níbẹ̀ láìní olùrà. Ààlà tó sún mọ́ owó rírà jù náà ní wàhálà tirẹ̀, torí ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ojoojúmọ́ lè kan án, kí ọjà tún yí padà sókè lẹ́yìn tí a ti tà.

Livermore jẹ gbèsè lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1915, ohun tó jẹ sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ó padà jèrè, ó sì san gbogbo rẹ̀ ní 1917. Ó tún jèrè gidigidi nígbà tí ọjà já ní 1929, àmọ́ ní 1934 ó tún wọ gbèsè. Nínú ìwé tirẹ̀ tó jáde ní 1940, ó kìlọ̀ fún oníṣòwò pé kò gbọdọ̀ fi owó kún ohun tó ti ń jẹ gbèsè. Ó mọ ìlànà náà láti ìgbà òwú, síbẹ̀ mímọ̀ ọ́n kò tó láti gbà á sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò òde òní fi ń fi àṣẹ títà lé alágbàtà lọ́wọ́ ní wákàtí kan náà tí wọ́n ra ọjà, tí wọ́n sì fi í ṣe òfin pé ààlà lè gòkè tẹ̀lé èrè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wálẹ̀.