Kíkọ ìtàn ẹbí tó ṣì wà láàyè

Mò ń kọ ìtàn ìgbà èwe mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjà owó kan wà níbẹ̀. Dádì mi ní àbúrò wọn jí owó tí wọ́n jọ kó jọ fi kọ́lé n'Íbàdàn. Àbúrò wọn ní ilé ìwòsàn ni àwọn ná an sí. Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ má rò pé yíyí orúkọ padà ti tó o. Bí mo bá kọ "àbúrò dádì mi tó ń wa bọ́ọ̀sì," gbogbo ẹbí ti mọ̀ wọ́n. Kíkọ "dádì mi ló sọ bẹ́ẹ̀" náà ò gba èèyàn sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́ ọdún 2013 ní Ẹ́ńgílándì, bí ọ̀rọ̀ bá ba orúkọ ẹnì kan jẹ́ gidigidi, ẹni tó tún un sọ gan-an ló máa fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni.

Torí náà mo yọ ọ̀rọ̀ olè kúrò. Ohun tí mo fojú mi rí ni mo kọ: wọn ò kí ara wọn ní Kérésì ọdún yẹn. Mo ka ojú ìwé náà sí àwọn méjèèjì létí. Orúkọ àìsàn yẹn ńkọ́? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣírí àbúrò dádì mi ni. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́, mi ò sì kọ ọ́.