Ibi Tí Àtàǹpàkò Ti Dúró

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìforúkọsílẹ̀ áàpù wò, kó gbé fóònù fún ẹni tí kò lò ó rí, kó sì panu mọ́. Ibi tí àtàǹpàkò onítọ̀hún bá ti dúró ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù ìfowóránṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó lè gba nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, àdírẹ́sì, BVN, fọ́tò àti PIN kí oníbàárà tó rí nǹkan kan ṣe. Báńkì Àpapọ̀ ló pàṣẹ pé kí àkáǹtì ní BVN tàbí NIN, ìyẹn ò ṣeé yọ. Ímeèlì ńkọ́? Ó lè dúró dìgbà mìíràn.

Bọ́tìnì ló máa ń dùn mí jù. “Continue” àti “Done” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ kan náà: èwo ló ń fi BVN ránṣẹ́? Kí wọ́n kọ “Fi BVN ránṣẹ́” sí i, kó dá àwọ̀ tirẹ̀ ní.

Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì kan lẹ́ẹ̀mejì, bọ́tìnì náà ò fi hàn pé òun ti gbọ́ nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè kóòdù, títẹ̀ kejì lè pe kóòdù tuntun, kí ti àkọ́kọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́.